Bí A Ṣe Sọ Pé Rárá fún Alága

Ìyàwó mi kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Mo ti rí i tó gbéná wojú máníjà hòtẹ́ẹ̀lì nítorí ìrọ̀rí kan tó sọnù, títí ọkùnrin náà fi tọrọ àforíjì, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀dọ̀ wa tí à ń bá wọn fọ aṣọ gan-an ni ìrọ̀rí náà ti sọnù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í lè jáde lẹ́nu rẹ̀ tó bá ti di ti ẹbí. Ọ̀rọ̀ náà ni "rárá". Dípò rẹ̀, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "A ó wò ó, sà." Bí gbogbo ìdílé wọn ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ọdún kan gbáko ni bàbá rẹ̀ fi ń wo ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wa.

Ìyàwó mi ló ni ilé ìfọṣọ tó wà lẹ́yìn ilé wa. Èmi ò ní nǹkan kan níbẹ̀ ju tábìlì lọ. Akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì ìjọba títí mo fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà èmi ni mò ń kọ lẹ́tà rẹ̀, tí mò ń gbé fóònù rẹ̀, tí mo sì ń gba ìbínú rẹ̀ sára. "Akọ̀wé" ni gbogbo ayé ń pè mí, òun náà pẹ̀lú. Aṣọ ibùsùn hòtẹ́ẹ̀lì méjì tí máníjà kan náà ń bójú tó àti ti ilé ìwòsàn kékeré kan là ń fọ̀. Bọ́ílà tó ń se omi fún wa ti dàgbà débi pé mo máa ń kí i láàárọ̀ kí n tó tàn án. Ohun tí wọ́n fi mọ̀ wá ni bí a ṣe ń ká aṣọ. Ìyàwó mi á ti igun aṣọ kan bọ inú ìkejì, á wá ká a, tó fi jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì á kàn di igun yẹn mú, á gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, aṣọ á sì ṣí tán. Nítorí ìkápọ̀ yìí, àwọn tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní hòtẹ́ẹ̀lì ò fẹ́ gbọ́ orúkọ alágbàfọ̀ mìíràn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́ ọ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé.

Àǹtí là ń pe ẹ̀gbọ́n yìí. Ìyá wọn tètè kú, Àǹtí ló sì wẹ ìyàwó mi, tó dirun fún un, tó fi owó aṣọ tó ń bá àwọn èèyàn fọ̀ rán an nílé ìwé. Àwọn méjèèjì nìkan ló ṣẹ́kù báyìí. Ilẹ̀ kì í ṣú kí wọ́n máà tíì pe ara wọn. Tí ìyàwó mi bá sì lọ kí i, Àǹtí á sìn ín dé géètì, ibẹ̀ ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tó gùn ju èyí tí wọ́n sọ nínú ilé lọ, èmi á sì máa dúró nínú oòrùn bí ẹni tí wọ́n gbàgbé.

Ọkọ Àǹtí ni wàhálà wa. Alága là ń pè é, àmọ́ Bọ̀dá ni ìyàwó mi ń pè é. Kò ṣe alága ohunkóhun rí, ṣùgbọ́n kò sí ibi tó jókòó sí tí kò ní ṣí ìpàdé. Mo fi ọdún díẹ̀ jù ú lọ, àmọ́ ẹ̀gbọ́n lòun fẹ́, àbúrò lèmi fẹ́, nítorí náà èmi ni mò ń sọ pé "ẹ" fún un, òun sì ń sọ pé "ìwọ" fún mi. "Ìyàwó mi" ló máa ń pe ìyàwó mi, gẹ́gẹ́ bí àna ṣe ń ṣe. Mo ti gbà bẹ́ẹ̀. Mi ò sọ pé mo fẹ́ràn rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, Alága wọlé tòun ti fáìlì aláwọ̀ ewé lábẹ́ apá. Ó ti ra ẹ̀rọ ìfọṣọ ńláńlá ní àwìn, èyí tó ń fọ̀, tó ń gbẹ, tó sì ń ká aṣọ fúnra rẹ̀. Ó ti háyà ilé gbàràmù kan tó ní géètì létí títì. Ohun tó kù tí kò ní ò ju ẹni tó mọ aṣọ fọ̀ àti ẹni tó ni aṣọ lọ.

"Ìyàwó mi," ó ní, "ọwọ́ ẹ mọ́. Àmọ́ ibi tó o ti ń ṣiṣẹ́ yìí ti kéré jù fún ẹ. Jẹ́ ká da iṣẹ́ pọ̀. Èmi á mú ẹ̀rọ àti ilé wá, ìwọ á mú oníbàárà àti òṣìṣẹ́ wá. Ilé-iṣẹ́ kan, orúkọ kan."

"Orúkọ ta ni, sà?" mo bi í.

"Akọ̀wé, ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ kékeré náà wà lójú ìwé àkọ́kọ́ nínú fáìlì, wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́, orúkọ tirẹ̀ ni. Mo kà á lọ. Òun ni yóò máa darí ilé-iṣẹ́. Tí èrè bá wọlé, ìdá méjì nínú mẹ́ta jẹ́ tirẹ̀. Fún ọdún márùn-ún, ìyàwó mi kò gbọdọ̀ fọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni níta àjọṣe náà. Mo rò ó bóyá síńgílẹ́ẹ̀tì tèmi wà lára rẹ̀. Mo wo ojú ìyàwó mi. Ó ti rẹ́rìn-ín músẹ́.

"A ó wò ó, sà," ó wí.

Ẹlòmíràn tó bá gbọ́ "a ó wò ó" á mọ̀ pé kí òun máa lọ sílé. Alága mọ̀ bẹ́ẹ̀ náà, ọlọ́gbọ́n èèyàn ni, ṣùgbọ́n ó tún mọ̀ pé ìyàwó mi kò ní lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ló bá ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kò pẹ́ tí ọkùnrin kan fi wá wọn ògiri wa fún pátákó orúkọ Alága. Lẹ́yìn ìyẹn ni máníjà hòtẹ́ẹ̀lì pè mí lórí fóònù.

"Akọ̀wé, mo gbọ́ pé ẹ ti di ti ẹlòmíì. Ọ̀dọ̀ ta ni ká máa kó aṣọ lọ báyìí?"

Mo ní kó máa kó o bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Mo wá bọ́ síbi tí ìyàwó mi ti ń lọ aṣọ, mo sọ fún un. Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó dùn mí dọ́kàn, nítorí kì í ṣe ẹni tó ń sunkún.

"Mi ò fẹ́ àjọṣe yẹn," ó ní. "Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ́ ibí yìí. Àmọ́ tí mo bá kọ̀ fún Bọ̀dá, Àǹtí ni mo kọ̀ fún. Inú ilé ọkùnrin yẹn ló ń gbé. Òun ni wọ́n á máa fi ọ̀rọ̀ gún lára láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹni tó tọ́ mi, Akọ̀wé! Tí mo bá pàdánù ẹ̀, kí ni mo fẹ́ fi ilé ìfọṣọ ṣe?"

"Kọ̀ fún un, kó o sì ṣílẹ̀kùn sílẹ̀," mo sọ fún un. "Wọ́n ń ṣe é. Mo ti kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ fún ìjọba láìmọye ìgbà."

Mo jókòó sídìí tábìlì mi, mo kọ lẹ́tà kan tó dùn létí. Mo fi kí ilé, mo fi kí ọ̀nà, mo yin ẹ̀rọ, mo yin fáìlì, mo ní àbá náà wú wa lórí, mo ní ohun gbogbo ló ní àkókò tirẹ̀. Ìyàwó mi kà á dé ìsàlẹ̀, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ṣé a gbà ni àbí a ò gbà?"

"Á yé e."

"Kò yé èmi tí mo rán ẹ níṣẹ́." Ó ti bírò padà sí mi lọ́wọ́. "Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń sọ láti oṣù tó kọjá lo fi èdè ìjọba kọ sílẹ̀ yìí. 'A ó wò ó' náà ni. Máa kọ ohun tí mo bá sọ."

Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin tí kò lè sọ pé rárá ṣe pè é fún mi kí n kọ ọ́, ó sì pè é dáadáa. Ó ní kí n dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí n má fà á gùn bí ẹni ń ta ọjà. Lẹ́yìn ìdúpẹ́, kí n kọ ọ́ gedegbe pé a kò ní lè wọ inú àjọṣe náà. Ó ní ìdí kan tó jẹ́ òótọ́ tó, pé tí ìdí bá ti di mẹ́fà, Alága á máa fa ọ̀kọ̀ọ̀kan já. Ìdí náà ni pé a ti bá ilé ìwòsàn ṣàdéhùn pé aṣọ wọn kò ní pàdé aṣọ ibòmíràn, kò sì ní kúrò lábẹ́ ojú wa, pé a kò sì lè gbé oníbàárà tó fọkàn tán wa fún ilé-iṣẹ́ tí wọn kò bá ṣàdéhùn. Kò jẹ́ kí n kọ nǹkan kan nípa ìdá méjì nínú mẹ́ta. "Má fọwọ́ kan owó ẹ̀," ó ní, "tó o bá fọwọ́ kan án, á rò pé ìdúnàádúrà la fẹ́."

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn tí a fẹ́ ṣí sílẹ̀. Èmi fẹ́ kọ pé a ó máa fojú sọ́nà fún ọjọ́ iwájú alárinrin. Ó ní ọjọ́ wo nìyẹn, oṣù wo ló bọ́ sí? Ohun tó ní kí n kọ nìyí:

"Bí ẹ̀rọ ọ̀kan nínú wa bá bàjẹ́, tàbí tí iṣẹ́ bá pọ̀ jù fún un, kí èkejì bá a fọ aṣọ rẹ̀, ní iye tí oníbàárà yòókù ń san. Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ yín bá ti ṣiṣẹ́ fún ọdún kan, ẹ jẹ́ ká tún jókòó, ká wò ó bóyá iṣẹ́ kan wà tí a lè jọ ṣe, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi tirẹ̀ sílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà wú mi lórí. Mo mọ̀ pé Alága ni yóò gba ẹnu ilẹ̀kùn yìí wọlé, nítorí kò mọ ibi tí wọ́n ń da ọṣẹ sí lára ẹ̀rọ tirẹ̀.

"Ṣé a máa sọ fún Àǹtí ṣáájú?" mo béèrè.

"Rárá," ó ní, ó sì yà mí lẹ́nu bó ṣe rọrùn fún un láti sọ ọ́ fún mi. "Tó bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, Bọ̀dá á ní òun ló kọ́ mi. Jẹ́ kọ́wọ́ ẹ̀ mọ́."

Ó ní lẹ́tà nìkan ò tó fún ẹbí, pé ẹnu la fi ń kọ́kọ́ sọ ọ́, kí ìwé tó tẹ̀ lé e. A lọ sílé Alága. Ó gbà wá tayọ̀tayọ̀, ó ti rò pé a wá buwọ́ lùwé. Ìyàwó mi jókòó sórí etí àga, ó di àpò rẹ̀ mú, ó sì sọ ọ́. Kò rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bọ̀dá, ẹ ṣé tẹ́ ẹ rántí mi. Mi ò ní lè bá yín da iṣẹ́ pọ̀." Ó sọ ìdí rẹ̀, ó sọ nípa ẹ̀rọ tó bá bàjẹ́ àti ọdún kan, ó sì gbé lẹ́tà sórí tábìlì. Bó ṣe la ẹnu ni Àǹtí ti ń jáde bọ̀ láti ilé ìdáná, ó gbé àwo tí ó to ife sí lọ́wọ́. Ó dúró. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró.

Alága ka lẹ́tà náà sókè, ó ń dá ọ̀rọ̀ dúró bí ẹni ń ka ìdájọ́. "Iye tí oníbàárà yòókù ń san. Hẹ̀ẹ́n. Èmi, ọkọ ẹ̀gbọ́n ẹ, mo ti di oníbàárà." Ó ká a, ó fi í sínú fáìlì aláwọ̀ ewé. "Ó dáa. Mo ti gbọ́. Ìpàdé ti parí."

Àǹtí gbé ife kalẹ̀ níwájú wa. Nígbà tí a dìde, ó ní, "Ó dàbọ̀," ó sì padà sí ilé ìdáná. Kò sìn wá dé géètì. Ìyàwó mi dúró níbẹ̀, ó ń wo ilẹ̀kùn, ó sì pẹ́ kó tó wọ ọkọ̀. Oòrùn pa èmi náà lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n mi ò lè ráhùn.

Láti ọjọ́ náà, fóònù kò dún mọ́. Ìyàwó mi pè, ẹnìkan gbé e, ó ní Àǹtí ń sùn. Ó tún pè, Àǹtí ń wẹ̀. Obìnrin kan ò lè máa sùn kó sì máa wẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Alága ṣí ilé ìfọṣọ rẹ̀ létí títì, ó rí hòtẹ́ẹ̀lì tuntun kan gbà, ó gbé Àǹtí sídìí káńtà. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó bàjẹ́ níbẹ̀. Mo gbọ́ pé wọ́n ti mọ ibi tí wọ́n ń da ọṣẹ sí. Ìyàwó mi ò sọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́, àmọ́ nígbàkígbà tó bá ń ti igun aṣọ bọ inú ara wọn, mo máa ń rí i tí ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí hòtẹ́ẹ̀lì méjèèjì kún fọ́fọ́ ni bọ́ílà yàn láti kú. Mo kí i láàárọ̀, kò dáhùn. Ẹni tó ń tún un ṣe yọ nǹkan kan jáde nínú rẹ̀, ó mi orí, ó ní ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti máa rán irú rẹ̀ wá. Aṣọ ibùsùn ti ga dé ojú fèrèsé. Tí a kò bá dá a padà ní ọ̀la, hòtẹ́ẹ̀lì á wá ẹlòmíràn, ẹlòmíràn tó sì ní ẹ̀rọ tó lè fọ gbogbo rẹ̀ tán ní ọjọ́ kan kò ju ẹnìkan lọ ní àdúgbò wa.

Ìyàwó mi wo òkìtì aṣọ náà, ó wò mí. "Mú ẹ̀dà lẹ́tà yẹn wá."

"Ṣé kí n má kọ òmíràn?"

"Ó ti tó. Ilé ìwòsàn nìkan la ò ní kó lọ. Tiwọn, a máa fọwọ́ fọ̀ ọ́ níbí. Pe máníjà, sọ ibi tá à ń kó tiẹ̀ lọ fún un, kó má gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì."

Máníjà ní ibi tó bá wù wá ni kó ti mọ́, kí ìkápọ̀ ṣáà má yí padà. Mi ò sọ èyí fún ìyàwó mi. Ẹ̀rọ Alága ló ń ká aṣọ níbẹ̀, onígun mẹ́rin bí páálí.

Inú Alága dùn débi pé mo bẹ̀rù fún ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Fáìlì aláwọ̀ ewé ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó já àpò àkọ́kọ́ sílẹ̀. "Ìyàwó mi! Akọ̀wé! Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àbí? Ẹ wá wò ó, ìwé yín rèé: iye tí oníbàárà yòókù ń san. Mi ò ní fi kọ́bọ̀ lé e, mi ò sì ní yọ kọ́bọ̀ kúrò. Ẹ tò sórí ìlà." Àwọn mẹ́ta ló wà níwájú wa. Ọ̀kan kó kọ́tìnnì wá, ó sì ń béèrè ìbéèrè púpọ̀.

A dé ìdí káńtà. Àǹtí kò gbójú sókè. Ó fa ìwé rìsíìtì sọ́dọ̀.

"Orúkọ oníbàárà?"

Ìyàwó mi dárúkọ ara rẹ̀, orúkọ tí Àǹtí fúnra rẹ̀ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ. Àǹtí kọ ọ́ sílẹ̀, ó já ìwé náà, ó nà án sí i. "Ọ̀la láàárọ̀. Ẹni tó kàn?" Nínú ọkọ̀, ìyàwó mi kò sunkún. Ìbá sàn fún mi kó sunkún.

Ní ọjọ́ kejì, ọkọ̀ Alága kó aṣọ náà dé, ó funfun nini, mo sì bínú sí i fún bó ṣe funfun tó. Ìyàwó mi tú àpò kan láti tún gbogbo rẹ̀ ká kí hòtẹ́ẹ̀lì tó rí i. Ó mú aṣọ tó wà lókè. Ó wò ó. Ó di igun rẹ̀ mú, ó gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, aṣọ náà sì ṣí tán títí dé ilẹ̀. Ó mú òmíràn, ó tún gbọ̀n ọ́n. Ó tú àpò mìíràn. Gbogbo aṣọ hòtẹ́ẹ̀lì méjì, igun nínú igun, ọwọ́ ló ká wọn. Ó jókòó sórí àpò kan, ó fi aṣọ bojú.

"Kò sí ẹ̀rọ tó mọ èyí ká," ó ní. "Akọ̀wé, kò sùn. Ó ní láti jẹ́ pé kò sùn rárá."

A lọ sanwó. Alága ti kọ ìlà kan kún ẹ̀dà rìsíìtì náà tó wà lọ́wọ́ wọn nísàlẹ̀: ìkápọ̀ àfọwọ́ṣe, iye tirẹ̀ yàtọ̀. Ó ní kò sí nínú lẹ́tà wa pé òun ò gbọdọ̀ gba owó rẹ̀, òótọ́ ló sì sọ. Mi ò rí ìyàwó mi kó sanwó tayọ̀tayọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Àǹtí gbà á, ó fún un ní ṣéńjì. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó fi káńtà sílẹ̀, ó sì bá wa jáde. Ó sìn wá dé géètì.

Wọ́n dúró.

"Àǹtí, ẹ forí jì mí. Mi ò lè bá Bọ̀dá da iṣẹ́ pọ̀ ni."

"Ta ló ní kó o bá a dà á pọ̀? Ṣé ọmọ tí mo tọ́ dòpè ni? Kó tó gbé fáìlì yẹn wá bá yín ni mo ti sọ fún un pé o ò ní gbà." Àǹtí wò mí. "Akọ̀wé, mo ka lẹ́tà yẹn. Ẹ ṣílẹ̀kùn fún Alága, ẹ ṣílẹ̀kùn fún ẹ̀rọ Alága, ẹ tún ṣílẹ̀kùn fún ọdún tó ń bọ̀. Èmi dà níbẹ̀? Àwo ife ló wà lọ́wọ́ mi tí mo ti gbọ́ ọ, bí ọmọ ọ̀dọ̀."

"A ò fẹ́ kí wọ́n bá yín wí ni," ìyàwó mi wí.

"Ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀, mo ti gbọ́. Àmọ́ èmi ni mo wẹ̀ ẹ́." Omi ti dé ojú rẹ̀. "Ó di kí bọ́ílà kú kó o tó wá mi wá?"

Ìyàwó mi di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, ọwọ́ méjèèjì tó ti wú láti òru, ó sì ń fi àtàǹpàkò ra á.

Ohùn Alága ta jáde láti inú ilé. "Ìyàwó mi! Ọdún ń lọ o! Fáìlì yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi! Ìpàdé wa di ìgbà wo?"

Mo rí ẹ̀rín músẹ́ yẹn tó ń bọ̀ lójú ìyàwó mi. Ó yíjú sí ilé náà. "A ó..."

"Má dán an wò," Àǹtí wí. "Sọ ọ́ kó yé e, kí n lè ráyè sùn lónìí."

"Rárá o, Bọ̀dá!" ìyàwó mi kígbe, gbogbo títì sì gbọ́ ọ. "Àmọ́ mò ń kó aṣọ mìíì bọ̀ lọ́la!"

"Iye tí oníbàárà yòókù ń san!" Alága dáhùn.

Àǹtí bú sẹ́rìn-ín. Àwọn méjèèjì fara ti géètì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn, mo sì lọ dúró nínú oòrùn.